Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Fẹ́ Rán Ibi Tí Kò Ya?

Obìnrin kan láti Ìsẹ́yìn ló kọ̀wé sí wa. Ẹni ọdún 31 ni, oyún ọ̀sẹ̀ 9 sì wà nínú rẹ̀. Oyún kẹta nìyí. Ti àkọ́kọ́ ti di ọmọkùnrin tó ń lọ ilé ìwé; ti ìkejì wálẹ̀ nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ 20. Nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn kan n'Ìbàdàn, dókítà fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn rẹ̀, ó sì ní tí oyún yìí bá ti pé ọ̀sẹ̀ 13, kó wá kí àwọn rán ọrùn ilé ọmọ rẹ̀. Ohun tó bi wá nìyí: “Oyún tó wà nínú mi ò ṣe nǹkan kan. N ò rí ẹ̀jẹ̀, inú ò run mí. Àkọ́bí mi sì pé oṣù mẹ́sàn-án nínú mi kí n tó bí i. Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ rán ibi tí kò ya?”

Ìyá ọkọ rẹ̀ náà ti sọ tirẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tó mọ dókítà nílùú àwọn ni wọ́n ti ń de oyún, ẹ jẹ́ kí àwọn wá ẹni tó mọ̀ ọ́n dè, kó má lọ fi abẹ́rẹ́ da oyún tó dúró dáadáa láàmú. A ó débẹ̀.

Kì í ṣe tìtorí pé oyún kan ti wálẹ̀ nìkan ni dókítà fi ní kí wọ́n rán an. Ọ̀pọ̀ oyún ló ń wálẹ̀ tí rírán kò lè ràn lọ́wọ́ rárá. Bí èyí ṣe wálẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ìbí àkọ́bí, ni dókítà gbé yẹ̀ wò. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí obìnrin yìí tún ìtàn náà sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ní fún bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni ó ti ń ṣe òun bíi pé nǹkan wúwo nísàlẹ̀ ikùn, bíi pé ìgbẹ́ ń gbọ̀n òun, tí òun bá sì dé ilé ìgbẹ́, kò ní sí nǹkan. Ìbàdí ń ro òun díẹ̀díẹ̀. Nǹkan yíyọ̀ kan ń ti ojú ara òun jáde, ó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì fara jọ omi tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ẹyọ kan lù. Ó gbà pé iṣẹ́ ọjà ló mú un, ó sì lo oògùn ara ríro. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, bó ṣe ń wẹ̀ lọ́wọ́ ni omi ya, ó ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà, ọmọ ti wá. Ìgbà tí omi ya tán ni inú tó run ún, kò sì le tó ti ìrọbí àkọ́kọ́. Ọmọ náà mí fún ìgbà díẹ̀. Kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Ìyá kò ní ibà, omi tó ya kò rùn.

Gbogbo ohun tó sọ yẹn, ẹ̀rí ni lójú dókítà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ibẹ̀ ṣe rí. Ilé ọmọ ní ọrùn, ọrùn náà sì ní ẹnu méjì. Ẹnu òkè kọjú sí ọmọ, ẹnu ìsàlẹ̀ kọjú sí ojú ara. Tí oyún bá tó nǹkan bí oṣù márùn-ún, gígùn ọrùn náà sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 30 sí 40. Ẹran rẹ̀ yi, ó le, nítorí pé iṣan tín-ín-rín tó lágbára ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ihò àárín rẹ̀ kún fún ikun tó ki, tó dí ọ̀nà mọ́ kòkòrò tó bá fẹ́ gòkè. Iṣẹ́ ọrùn yìí ni kó wà ní pípadé bí ọmọ, omi àti ibi ọmọ ṣe ń wúwo sí i lórí rẹ̀ láti oṣù dé oṣù. Nígbà tí oyún bá pé, ó máa ń rọ̀, ó máa ń kúrú, ìrọbí á sì fà á ṣí.

Bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ léra nínú ìbí nìyẹn: ìrọbí ni yóò kọ́kọ́ dé, ọrùn yóò wá ṣí. Bí inú ṣe ń run aboyún ni ẹnu ń ṣí. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn obìnrin kan, ọrùn náà kò lágbára tó láti gbé ẹrù tó wà lórí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láìsí ìrọbí. Ẹnu òkè ló ń kọ́kọ́ là, níbi tí ojú kò ti lè rí i. Àpò omi á rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú àlàfo náà, ọrùn á máa kúrú láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Kò sí ìrora, torí ilé ọmọ kò tíì máa sún kì. Ohun tí obìnrin máa mọ̀ lára kò ju kí nǹkan wúwo nísàlẹ̀, kí ẹ̀yìn máa ro ó, kí nǹkan yíyọ̀ máa jáde. Ikun tó dí ọ̀nà ti já, àpò omi ti kan ibi tí kòkòrò wà. Láìpẹ́, àpò náà á bẹ́. Ìrọbí tó máa ń tẹ̀ lé e kò ní pẹ́ rárá, nítorí pé ọ̀nà ti là tẹ́lẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ìtàn obìnrin wa. Ó wúwo nísàlẹ̀, nǹkan yíyọ̀ jáde, omi ya, lẹ́yìn náà ni inú tó run, ọmọ sì yára wá. Ọmọ náà wà láàyè nígbà tó jáde. Ká ní inú ló kọ́kọ́ ń run ún fún odidi ọjọ́ kan, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ tú, tàbí kí ibà mú un kí omi tó ya, tàbí kí ọmọ ti kú sínú kó tó jáde, dókítà ìbá ní ibòmíràn láti máa wò: àrùn inú ilé ọmọ ni bí, àbí ibi ọmọ ló ṣí kúrò láyè rẹ̀, àbí ọmọ náà ló ní àìsàn. Rírán ọrùn kò ṣe ìkankan nínú wọn lóore. Ohun tó jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn ni pé ọ̀pọ̀ ìwé ilé ìwòsàn ni kò kọ ju “oyún bàjẹ́, ọ̀sẹ̀ 20” lọ. Gbólóhùn yẹn kò sọ ohunkóhun fún dókítà tó máa rí obìnrin náà lẹ́yìn ọdún méjì. Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ohun tó tẹ̀ lé e, wákàtí tó wà láàárín wọn, bóyá ọmọ mí tàbí kò mí, ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Àwọn kan á béèrè pé ṣé kò sí àyẹ̀wò tí wọ́n lè fi mọ̀ kí obìnrin tó lóyún pé ọrùn ilé ọmọ rẹ̀ kò lágbára ni. Kò sí èyí tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Láyé ìgbà kan, wọ́n máa ń ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ọrùn ilé ọmọ tí kò lóyún láti wò bóyá yóò gba ibẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, wọ́n sì tún máa ń ta omi àwòrán sí i. Ìkankan kò tó láti fi pinnu. Ọrùn tó dà bí ẹni pé ó dára nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀ lè má dúró nígbà tí ẹrù bá dé. Ìdí nìyí tí ìtàn fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Ó kan ìbéèrè tó wù mí jù nínú lẹ́tà rẹ̀. Báwo ni ọrùn tó gbé oyún àkọ́kọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án ṣe wá di èyí tí kò lè gbé ti ìkejì kọjá oṣù márùn-ún? Ìdáhùn wà nínú bó ṣe bí àkọ́bí. Ẹnu ilé ọmọ ti ṣí tán pátápátá lọ́jọ́ náà, ó gìn fún ohun tó lé ní wákàtí méjì, orí ọmọ ti wọ ìsàlẹ̀ lọ jìnnà, kò sì jáde. Ni wọ́n bá gbé e wọ tíátà. Nígbà tí ìbí bá ti dé ibẹ̀ yẹn, ọrùn ilé ọmọ ti fẹ̀, ó ti fẹ́lẹ́, ó ti fà sókè débi pé kì í rọrùn láti mọ ibi tí ilé ọmọ parí sí àti ibi tí ọrùn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀bẹ lè gba inú ọrùn fúnra rẹ̀ kọjá, ọgbẹ́ náà sì lè ya sísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fa orí ọmọ jáde. Yóò jinná, ṣùgbọ́n àpá kò lágbára tó ara tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwádìí àìpẹ́ yìí ti fi hàn pé obìnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún nígbà tí ẹnu ilé ọmọ ti ṣí tán wà nínú ewu bíbí ọmọ tí kò tọ́jọ́ nínú oyún tó tẹ̀ lé e ju ẹni tí wọ́n ṣe é fún kí ìrọbí tó wọra lọ.

Àwọn nǹkan mìíràn náà lè sọ ọrùn di aláìlágbára: kí wọ́n ti gé lára rẹ̀ nígbà ìtọ́jú ohun tó fẹ́ di jẹjẹrẹ, kí wọ́n ti fi tipátipá ṣí i nígbà tí wọ́n ń fọ ilé ọmọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó ti ya nígbà ìbí. Àwọn mìíràn wà tí ara wọn rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìwà ìyàwó tàbí ẹrù tó gbé lọ́jà ló fà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Obìnrin kì í fi ìwà ṣí ọrùn ilé ọmọ.

Ní báyìí, rírán náà. Àwọn dókítà ń pè é ní sákíláàjì. V. N. Shirodkar, oníṣègùn obìnrin kan ní Bọ́ḿbè lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ló kọ̀wé nípa tirẹ̀ ní 1955. Ní 1957, Ian McDonald ti ìlú Mẹ́líbọ̀n ní Ọsirélíà gbé ọ̀nà tó rọrùn ju ìyẹn lọ jáde, ọ̀nà McDonald yìí ló sì wọ́pọ̀ jù títí di òní. Kì í ṣe pé wọ́n rán ẹnu méjèèjì pọ̀ bí ẹni rán aṣọ tó ya. Wọ́n ń fi okùn yí ọrùn náà ká, wọ́n á fà á, wọ́n á so ó, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fa okùn ìdí ṣòkòtò.

Bí wọ́n ṣe máa ṣe é fún obìnrin Ìsẹ́yìn yìí nìyí. Wọ́n á kọ́kọ́ fi síkáànì wo ọmọ, kí wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ ń lù, pé orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wà bó ṣe yẹ. Ìdí tí wọ́n fi ní kó dúró di ọ̀sẹ̀ 13 nìyẹn. Púpọ̀ nínú oyún tó ń wálẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́ta ló jẹ́ pé ọmọ náà ni kò pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá rán ọrùn lọ́sẹ̀ 8 lè ti ilẹ̀kùn mọ́ oyún tí kò ní dúró. Nítorí náà ni wọ́n fi ń ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ 12 sí 14. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fún àrùn. Lọ́jọ́ náà, kò ní jẹun láàárọ̀. Ní tíátà, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, láàárín eegun ọ̀pá ẹ̀yìn, gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ á kú tipiri, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á là. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè sórí ìfẹsẹ̀lé, wọ́n á fa ìtọ̀ rẹ̀ kúrò, torí àpò ìtọ̀ wà níwájú ọrùn gẹ́lẹ́, abẹ́rẹ́ kò sì gbọdọ̀ kàn án.

Dókítà á fi irin ṣí ojú ara rẹ̀, á sì fi irin mìíràn rọra di ètè ọrùn mú. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀, okùn rẹ̀ nípọn ju èyí tí wọ́n fi ń rán awọ ara lọ, kì í sì í jẹrà sínú ara. Yóò wọ inú ẹran ọrùn níwájú, yóò jáde, yóò tún wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, títí yóò fi yí i ká ní ìgúnwọlé mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ó bá ti ga tó sí ẹnu òkè, bẹ́ẹ̀ ni ó dára tó. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ dé ihò àárín, nítorí àpò omi wà lókè ibẹ̀. Yóò wá fa okùn náà, yóò ta á ní kókó níwájú, yóò sì fi ìrù okùn náà sílẹ̀ gùn díẹ̀ kí ẹni tó máa gé e lọ́jọ́ iwájú lè rí i fà. Gbogbo rẹ̀ kì í sábàá ju ìdajì wákàtí lọ. Ó lè lọ sílé lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á máa kán fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ikùn lè máa fún un wẹ́rẹ́, nǹkan funfun tó ń jáde lójú ara lè pọ̀ sí i títí ọjọ́ ìbí.

Kò sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù mẹ́fà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún aboyún, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé ìdùbúlẹ̀ ń dá oyún dúró, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan ẹsẹ̀. Kó máa rìn, kó máa ta ọjà rẹ̀ tí ara bá gbà á, kó sì yàgò fún ẹrù tó wúwo.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀ràn náà kò ní àríyànjiyàn. Ó ní. Ní 1993, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí obìnrin 1,292 kópa nínú rẹ̀, gbogbo wọn jẹ́ ẹni tí ọkàn dókítà wọn kò balẹ̀ bóyá kí àwọn rán wọn tàbí kí àwọn má rán wọn. Wọ́n fi ìbò pín wọn sí méjì, wọ́n rán apá kan, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n rán, 13 ló bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 33. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọn kò rán, 17 ni. Ìyẹn ni pé nínú obìnrin 25 tí wọ́n bá rán, ẹnì kan ni rírán náà yọ lọ́wọ́ ìbí àìpé ọjọ́. Àwọn tí ó ṣe lóore jù ni àwọn tí oyún ti wálẹ̀ lára wọn tàbí tí wọ́n ti bímọ àìpé ọjọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibà lẹ́yìn ìbí sì pọ̀ díẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n rán.

Láti ibẹ̀ ni èrò ti yà. Ìlànà àwọn oníṣègùn obìnrin ní Bìrìtéènì sọ pé ẹni tó ti ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mẹta ni kí wọ́n máa rán tìtorí ìtàn nìkan. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n máa fi síkáànì tó ń gba ojú ara wọlé wọn ọrùn rẹ̀. Tí ó bá kúrú ju mìlímítà 25 lọ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24, kí wọ́n rán an nígbà náà. Ti Amẹ́ríkà gbà pé ẹ̀ẹ̀kan náà tó láti fi rán obìnrin, bí ó bá ṣáà ti dájú pé ọrùn ló ṣí láìsí ìrọbí. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló wà níwájú obìnrin Ìsẹ́yìn, méjèèjì sì tọ́. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n rán an lọ́sẹ̀ 13. Èkejì ni kó máa wá fún síkáànì ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì láti ọ̀sẹ̀ 16 títí di 24, nígbà mìíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ọrùn bá ti ń kúrú, kí ó sì máa fi oògùn purojẹ́sítírónì sí ojú ara lálaalẹ́ bí dókítà bá ní kó lò ó.

Kí ló wá mú kí dókítà rẹ̀ yan ti àkọ́kọ́? Mo bi obìnrin náà bóyá ó lè máa ti Ìsẹ́yìn wá sí Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún odidi oṣù méjì. Ó ní owó mọ́tò nìkan á pa òun. Síkáànì tó wà nítòsí rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lórí ikùn, èyí kò sì ṣeé gbára lé láti wọn ọrùn: àpò ìtọ̀ tó bá kún lè fà á gùn, kó jọ ẹni pé nǹkan dára. Ọrùn tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lè ṣí tán láàárín ìbẹ̀wò méjì. Ẹ kó ìyẹn pọ̀ mọ́ ìtàn tó ṣe kedere àti àpá ìbí àkọ́kọ́, ẹ ó rí i pé ìmọ̀ràn dókítà náà mú ọgbọ́n dání. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ńlá ló ń gbé, tí síkáànì yẹn kò sì nira fún un, ìṣọ́ ni èmi ìbá kọ́kọ́ rọ̀ ọ́ láti béèrè fún.

Oyún dídè tí ìyá ọkọ rẹ̀ sọ ńkọ́? Wọ́n kò rò ó ní ibi. Ìfẹ́ ọmọ ọmọ ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n òwú tàbí awọ tí wọ́n bá so mọ́ ìbàdí kò kan ọrùn ilé ọmọ, àgbo tí wọ́n bá sì mu kò lè mú àpá lágbára. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé àgbo mìíràn lè mú kí ilé ọmọ máa sún kì, àti pé ìgbà tí wọ́n fi ń retí ìdè náà ni ọ̀sẹ̀ 13 yóò fi kọjá. Bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà sí i, kí wọ́n gbà á. Kí oyún náà ṣáà dé tíátà lásìkò.

Àwọn kan wà tí wọn kì í rán. Ẹni tí omi ti ya, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tú lára rẹ̀, ẹni tí ìrọbí ti mú, ẹni tí àrùn ti wọ inú ilé ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn kì í rán ẹni tó lóyún ìbejì nítorí pé ìbejì ni nìkan. Mo sọ èyí fún wa ní pàtó, nítorí ìbejì pọ̀ láàárín Yorùbá ju láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀yà àgbáyé lọ, àwọn ọkọ sì máa ń fẹ́ kí dókítà “dè é” tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọ méjì ni.

Tí wọ́n bá ti rán an, iṣẹ́ kò tán. Tí omi bá ń jò, tí ibà bá dé, tí nǹkan tó ń jáde bá ń rùn, tí ẹ̀jẹ̀ bá tú, tí inú bá ń fún un tó sì ń fi í sílẹ̀ ní àsìkò kan náà, kó má sùn mọ́ ọn. Ọ̀ràn inú yìí ló lágbára jù. Bí ìrọbí bá wọra nígbà tí okùn ṣì wà níbẹ̀, okùn náà lè fa ọrùn ya. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé e. Ẹni tó ń lọ bí nílé agbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lọ́dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀, tí kò sì sọ pé okùn wà lára òun, ti fi ara rẹ̀ sínú ewu tí ẹni tó ń gbẹ̀bí rẹ̀ kò mọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sára káàdì rẹ̀ gàdàgbà, kí ọkọ rẹ̀ náà sì mọ̀.

Bí nǹkan bá lọ déédéé, wọ́n á gé okùn náà láàárín ọ̀sẹ̀ 36 sí 37. Ti McDonald kò sábà nílò pé kí wọ́n kun ún lórun. Wọ́n á fa ìrù okùn, wọ́n á gé kókó, ó ti jáde. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n tún máa fi gbẹ̀bí rẹ̀, wọ́n lè dúró di ọjọ́ náà. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ló ń rọbí lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé e. Ọ̀pọ̀ ló ṣì máa ń gbé oyún wọn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sí i.

Rírán náà lè má ṣiṣẹ́. Bí oyún bá tún wálẹ̀ lọ́nà kan náà pẹ̀lú okùn lọ́rùn ilé ọmọ, ọ̀nà mìíràn ṣì wà: kí wọ́n gba ikùn wọlé, kí wọ́n so okùn náà mọ́ ibi ẹnu òkè gan-an, yálà kí ó tó lóyún tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Èyí kò ní jẹ́ kó bí fúnra rẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n á fi gba ọmọ. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020 yẹ àwọn tí rírán láti ojú ara ti kùnà fún wò. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n rán láti inú ikùn, 8 ló bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 32. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n tún rán láti ojú ara bíi ti àtẹ̀yìnwá, 33 ni.

Sí ìwọ obìnrin Ìsẹ́yìn: ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ọ bá ìtàn rẹ mu. Padà lọ bá dókítà náà pẹ̀lú ọkọ rẹ kí ọ̀sẹ̀ 12 tó pé. Mú ìwé iṣẹ́ abẹ àkọ́bí rẹ dání, tàbí kí o lọ béèrè fún un níbi tí wọ́n ti ṣe é. Bi í bóyá ọ̀bẹ tàbí ọgbẹ́ ọjọ́ náà kan ọrùn, nítorí ìyẹn lè yí ibi tí yóò gbé okùn sí padà. Bi í ẹni tí wàá pè ní òru bí omi bá ya, kí o sì gba nọ́ńbà rẹ̀ kí o tó kúrò níbẹ̀.